Ìjàm̀bá kan, lẹ́tà mẹ́ta: ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ tí òróró dà sílẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì ni, òjò sì ti ń ṣú láti àárọ̀. Mo jókòó sí ọ́fíìsì kékeré tí wọ́n fún mi lẹ́bàá géètì, mò ń ka iye ìbọ̀wọ́ tó kù nínú páálí. Iṣẹ́ ààbò ni mò ń ṣe ní iléeṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń rọ òróró ìsebẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, ilé ìkẹ́rù wa sì wà nínú ọgbà kan náà. Bí mo ṣe ń kà á lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tí nǹkan ya lulẹ̀ gbì. A mọ ìró páálẹ́ẹ̀tì, pákó tí a ń to ẹrù lé, bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ. Èyí yàtọ̀, igbe ló tẹ̀ lé e.

Kí n tó débẹ̀, òróró ti ń ṣàn lórí sìmẹ́ńtì. Ọmọkùnrin kan tó ń bá wa kó ẹrù jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n tó ń wa fọ́kílíìfù, ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ẹrù, dúró tì í, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí kó jọ lọ́jọ́ náà ni pé ẹ̀rọ ń rìfáàsì jáde láàárín ẹrù, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ gun ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà. Awakọ̀ gbọ́ igbe, ó yí ọwọ́ ọkọ̀ lójijì, ìdí ẹ̀rọ sì lu páálẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó wà lórí ara wọn. Méjì tòkè wó. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ló wà lórí wọn, 32 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

A gbé ọmọkùnrin náà lọ sílé ìwòsàn tí kò jìnnà sí wa. Ẹ́kísíréè fi hàn pé egungun méjì ti ṣẹ́ nínú ẹsẹ̀ náà. Dókítà fi sìmẹ́ńtì dè é, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà wọn á tún un yẹ̀ wò.

Láàárín ọjọ́ mẹ́fà sígbà yẹn, mo kọ lẹ́tà mẹ́ta. Ọ̀kan lọ sí iléeṣẹ́ adójútòfò tó ń dúró fún ẹrù àti ẹ̀rọ wa. Ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà. Ìkẹta lọ sọ́dọ̀ àwọn olùbẹ̀wò iléeṣẹ́ tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Òfin tó de àwọn iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà sọ pé bí ìjàm̀bá bá pa ènìyàn, tàbí tí kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè ṣe iṣẹ́ tó fi ń gbowó fún ju ọjọ́ 3 lọ, kí a fi ìwé tó olùbẹ̀wò tó sún mọ́ wa jù létí láìfi falẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí a máa ka ọjọ́.

Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe kọ lẹ́tà wọ̀nyẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì dúró lé mi lórí. Nígbà tí mò ń kọ ti adójútòfò, akáwọ́ńtàǹtì wa ló jókòó tì mí. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni bí owó á ṣe tètè jáde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹrù tó bá ti fi ara kan ilẹ̀ ti di òfò nìyẹn." Mo kọ ọ́ báyìí:

"Ní aago 11:05 òwúrọ̀, fọ́kílíìfù lu àkójọ ẹrù, kẹ́ẹ̀gì òróró 64 sì bàjẹ́. Ẹ̀rọ náà wà ní ipò tó dára kí èyí tó ṣẹlẹ̀."

Ti ọ̀gá àgbà, òru ni mo kọ ọ́, inú sì ń bí mi. Ọmọkùnrin yẹn kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Mo kọ pé: "Ní aago 10:42, awakọ̀ rìfáàsì láìwo ẹ̀yìn, ó sì gun ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ tó ń kọjá. Àìbìkítà awakọ̀ ló fà á. Áláàmù tó máa ń dún bí ẹ̀rọ bá ń rìfáàsì kò sì ṣiṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn."

Ti ìjọba, ìbẹ̀rù ló kọ ọ́. Mo rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe kéré tó ni wàhálà á ṣe kéré tó. Gbogbo ohun tí mo kọ nípa bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni pé: "Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, òṣìṣẹ́ kan fara pa ní ẹsẹ̀ nígbà tí ẹrù wó nílé ìkẹ́rù."

Ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ tún wọn kà. Ìjàm̀bá mẹ́ta ni. Nínú ọ̀kan, kò sí ènìyàn níbẹ̀ rárá, àfi ẹrù. Nínú èkejì, ènìyàn burúkú kan ló wà níbẹ̀. Nínú ìkẹta, ẹrù ló wó lu ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà, kò sì sí ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ló gun ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí àmì táyà lára bàtà rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, adójútòfò rán ẹni tó ń yẹ òfò wò wá. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Kò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ká kó ìwé géètì wá, ìwé tí a fi ń kọ àtúnṣe ẹ̀rọ, káàdì ilé ìwòsàn, àti gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó bàjẹ́. Ó to àwọn ìwé náà sórí tábìlì mi. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Ọmọ mi, aago mélòó ni ìjàm̀bá yìí ṣẹlẹ̀?"

Mo ní 11:05. Ó yí káàdì ilé ìwòsàn sí mi. Nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago 10:58 ni wọ́n gbé ọmọkùnrin náà dé. Nínú lẹ́tà mi, ó ti dé ilé ìwòsàn kí ẹ̀rọ tó gun un lẹ́sẹ̀.

Ohun tó fà á kò ju èyí lọ: aago kámẹ́rà wa ti fi ìṣẹ́jú 23 ṣáájú, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Aago kámẹ́rà ni mo kọ sí adójútòfò. Aago fóònù mi, láti inú ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí máníjà lórí Wásáàpù, ni mo kọ sí ọ̀gá àgbà. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ta ló máa gbà mí gbọ́?

Kẹ́ẹ̀gì ló kàn. Bàbá kà wọ́n, 27 ló fọ́. Ó ní, "Níbo ni 37 tó kù wà?" A ti nù wọ́n mọ́, ìdérí wọn kò ṣí, wọn kò ní ìpalára, a sì ti tà lára wọn ní ọjọ́ Ajé. Rìsíìtì wà níbẹ̀. Lójú rẹ̀, iléeṣẹ́ kan ti ta ẹrù tó ń gba owó òfò lé lórí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè.

Níkẹyìn ó ṣí ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ. Ọjọ́ 16 kí ìjàm̀bá tó ṣẹlẹ̀, mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti já wáyà áláàmù rìfáàsì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló já a, nítorí ariwo rẹ̀ ń dí wọn létí nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù. Mo ti kọ ìwé kí wọ́n tún un so. Kò sẹ́ni tó so ó. Èmi náà ló tún kọ sí adójútòfò pé ẹ̀rọ wà ní ipò tó dára.

Wọ́n san owó kẹ́ẹ̀gì 27, ṣùgbọ́n ó gba nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Wọn kò san owó àtúnṣe fọ́kílíìfù. Ìwé àdéhùn wa sọ pé a gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ẹ̀rọ, a sì ti fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́ pé a kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé wọ́n ṣe é bó ṣe tọ́.

Kí ìyẹn tó parí, mo ti kọ lẹ́tà àtúnṣe sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó nira jù lọ́wọ́ mi ni ti ìjọba. Olùbẹ̀wò náà wá, obìnrin kan tó fara balẹ̀ rìn yí ilé ìkẹ́rù ká. Ó ní ká má ṣe lo ẹ̀rọ yẹn mọ́ títí áláàmù á fi dún, kí a sì kun ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ á máa gbà. Nígbà tó ń lọ, ó gbé lẹ́tà mi àkọ́kọ́ sókè, ó ní, "Wáyà tí wọ́n já, mo máa ń rí i. Èyí ló jẹ́ kí n tún gbogbo nǹkan mìíràn wò lẹ́ẹ̀mejì."

Látìgbà náà, mi ò tíì kọ lẹ́tà kankan láì kọ́kọ́ kọ ohun tí mò ń pè ní ìwé ìpìlẹ̀. Ìwé àjákọ tó ní èèpo líle ni, kì í kúrò nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ gan-an ni mò ń kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi ohun tó fẹ́ gbọ́. Mo kọ́kọ́ yan aago kan, mo sì kọ orúkọ aago náà: fóònù mi. Bí kámẹ́rà bá yàtọ̀, mo kọ iye ìṣẹ́jú tó fi yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohun tí mo fi ojú ara mi rí, lọ́tọ̀ sí ohun tí wọ́n sọ fún mi, pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni iye, ní ìpele ìpele: mélòó ló wó, mélòó ló fọ́, mélòó ló dọ̀tí lásán. Níkẹyìn ni ohun tí mi ò tíì mọ̀. Mi ò gbọdọ̀ fi àròbájọ dí àyè yẹn. Bí mo bá ṣàṣìṣe nínú ìwé náà, mi ò fa abẹ́ yọ ọ́ kúrò, mo fi ìlà kan là á kọjá, mo kọ àtúnṣe sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́.

Láti inú ìwé yìí ni lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jáde. Ohun tí mo wá rí ni pé àwọn mẹ́ta náà kò béèrè ìbéèrè kan náà, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà wọn fi gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Adójútòfò ń béèrè pé: kí ló sọnù, ṣé ohun tí a jọ ṣàdéhùn lé lórí ló fà á, kí lẹ ṣe kí òfò má bàa pọ̀ sí i? Ọ̀gá àgbà ń béèrè pé: kí ló dé, kí la máa ṣe kó má tún ṣẹlẹ̀? Olùbẹ̀wò ń béèrè pé: ta ló fara pa, irú ẹ̀rọ wo, ṣé ẹ pa òfin mọ́, ṣé ibẹ̀ ti wà láìséwu báyìí fún àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Bí mo bá tún ti ọjọ́ yẹn kọ lónìí, èyí ni mo máa kọ sí adójútòfò:

"Ní aago 10:42, fọ́kílíìfù tó ń rìfáàsì lu ìdí páálẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Méjì wó, kẹ́ẹ̀gì 64 ṣubú. 27 fọ́, 37 kò fọ́, a sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀. A da iyanrìn lé òróró náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a sì dí ojú gọ́tà. Kẹ́ẹ̀gì tó fọ́ àti fọ́tò wà níbí fún àyẹ̀wò. Áláàmù rìfáàsì ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 16 ṣáájú. Ẹ̀dà ìwé àtúnṣe wà nínú àpò yìí. Òṣìṣẹ́ kan fara pa, a sì ti fi tó àwọn tó yẹ létí."

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Orúkọ ọmọkùnrin náà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni egungun tó ṣẹ́ kò sí níbẹ̀, nítorí adójútòfò tó ń dúró fún ẹrù kò nílò ọ̀rọ̀ ìlera rẹ̀. Òfin ààbò ìwífún ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tí a kò gbọdọ̀ fọ́n káàkiri. Mi ò sì kọ ẹni tó jẹ̀bi. Àmọ́ áláàmù wà níbẹ̀. Kò sí lẹ́tà kankan nínú mẹ́ta tí áláàmù lè má sí níbẹ̀. Ìdánwò tí mò ń lò nìyẹn: ohun tí mo bá yọ kúrò, ṣé nítorí pé kò kan ẹni tó ń kà á ni, àbí nítorí pé mo ń bẹ̀rù kó mọ̀ ọ́n? Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rù, ó gbọ́dọ̀ padà sínú lẹ́tà.

Ti ọ̀gá àgbà ló máa ń gùn jù. Níbẹ̀ ni mo ti máa ń tú ìdí ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo tún jókòó tì í láìbínú, mo rí i pé "àìbìkítà awakọ̀" kò ṣàlàyé nǹkan kan. Ó yẹ kí ẹnì kan máa darí ẹ̀gbọ́n náà láti ẹ̀yìn. Ẹni yẹn ni máníjà pè lọ sí géètì láti lọ gba ọkọ̀ ẹrù wọlé. Wọ́n to páálẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lé ara wọn ní igun tí awakọ̀ kò ti lè rí ẹ̀yìn. Kò sí ọ̀nà tí a kùn fún ẹlẹ́sẹ̀. Áláàmù tí ì bá kìlọ̀, wọ́n ti já a, èmi tí mo mọ̀ sì kọ ìwé kan ṣoṣo, mi ò lọ dúró ti ẹ̀rọ náà pé kò ní ṣiṣẹ́. Ìyẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni ohun tí a máa ṣe, ẹni tó máa ṣe é, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Nítorí lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo fi ìbínú kọ, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀gbọ́n yẹn pàdánù iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá. Mo bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀, níwájú ìyàwó rẹ̀.

Mo tún kọ́ pé lẹ́tà inú ilé kì í dúró sínú ilé. Olùbẹ̀wò béèrè rẹ̀, bàbá tó wá yẹ òfò wò béèrè rẹ̀. Nítorí náà, mo ń kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn méjèèjì ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn mi.

Ti ìjọba kúrú, ṣùgbọ́n kì í ṣe kúkúrú ìbẹ̀rù. Orúkọ òṣìṣẹ́ náà, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti nílò rẹ̀. Ohun tó gun un lẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀ ní ṣákálá: táyà ẹ̀yìn fọ́kílíìfù tó ń rìfáàsì. Ìpalára náà bí dókítà ṣe kọ ọ́, àti iye ọjọ́ tí kò ní lè ṣiṣẹ́, wà níbẹ̀. Iye owó òróró kò sí níbẹ̀, kò kàn wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí a ti ṣe tán nìkan ni mò ń kọ, pẹ̀lú ọjọ́. "A máa so áláàmù" kò tó ìlà kan. "A so áláàmù ní ọjọ́ báyìí, a sì dán an wò" ni olùbẹ̀wò lè wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Ẹnì kẹrin kan wà tí mo gbàgbé pátápátá nígbà yẹn, ó sì dùn mí ju gbogbo èyí lọ. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi ìjàm̀bá tó àjọ NSITF, tó ń san owó náà fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, létí. Iléeṣẹ́ wa ń san owó tiwọn lóṣooṣù. Àmọ́ nítorí pé ẹrù ló wà lọ́kàn wa nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ owó òfò, ọjọ́ kejìlá ni fọ́ọ̀mù náà tó kúrò lọ́wọ́ wa, lẹ́yìn tí bàbá ọmọkùnrin náà wá bá mi ní géètì, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa san owó ilé ìwòsàn ọmọ mi?" Ẹ̀yìn èèpo ìwé ìpìlẹ̀ ni mo kọ ọjọ́ 7 yẹn sí báyìí, pẹ̀lú bírò pupa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ọmọkùnrin náà lò nílé kó tó padà. Nígbà tó dé, mo gbé ìwé ìpìlẹ̀ fún un pé kó ka ohun tí mo kọ nípa rẹ̀, nítorí mo ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kà á díẹ̀díẹ̀. Ó dé ibì kan, ó fi ìka lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò kọjá lẹ́yìn ẹ̀rọ o. Mo bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ ni, mò ń so okùn páálẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ tó ti tú. Máníjà ló ní kí n so ó kí ọkọ̀ tó wọlé."

Nínú gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ, tàkọ́kọ́ àti tàtúnṣe, kò sí ibi tí mo ti bi í léèrè. Mo ti kọ ọ́ pé ó ń kọjá, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rọ bá gun lẹ́sẹ̀, a máa ń rò pé ó ń kọjá ni. Mo fa ìlà kan la ọ̀rọ̀ náà kọjá, mo kọ tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, mo kọ ọjọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo tẹ ojú ìwé kan ṣoṣo, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà, sí olùbẹ̀wò, sí adójútòfò, àti sí NSITF.